Ẹni Tó Gbé Báàgì

Lọ́jọ́ tí mo mú ọmọ mi ọkùnrin lọ yẹ ojú wò ní Ọ̀tà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló bá wa gbé báàgì. Omi àti búrẹ́dì wà nínú rẹ̀, ìwé kíláàsì méjì ti àbúrò rẹ̀ náà wà níbẹ̀, torí mo fẹ́ kí dókítà fojú ara rẹ̀ rí bí ọmọ náà ṣe ń kọ̀wé. Ó lé ní wákàtí méjì tí a fi jókòó. Nígbà tó kàn wá, wọ́n gbé ọmọkùnrin náà ka orí àga, wọ́n bo ojú rẹ̀ kan, wọ́n ní kó máa fi ọwọ́ tọ́ka síbi tí ẹsẹ̀ àwọn àmì ara ògiri bá kọjú sí. Wọ́n tún bo ojú kejì. Kò ṣi ẹyọ kan. Dókítà ní ojú ọmọ yìí mọ́lẹ̀ kedere, ibòmíràn ni kí a ti wá ohun tó ń ṣe é. A dúpẹ́, a san owó, a wọ kọ̀rọ̀pẹ̀ padà sí Ìyànà Ìyẹ̀sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ló tún gbé báàgì bọ̀. Kò sẹ́ni tó ronú pé kí òun náà jókòó sórí àga yẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni àbúrò nígbà náà, ó wà ní kíláàsì kẹta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pé méjìlá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Èmi ń ta ọjà wẹ́wẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí títì Ìdí-Ìrókò: mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ, indomí. Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Sàǹgó, ṣíìfù ni wọ́n ń ṣe. Tó bá ṣe ti àárọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ti ọ̀sán ni lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ti òru. Ẹni tó bá ń gbé ní agbègbè wa mọ bí ilé oníṣíìfù ṣe máa ń rí. Ẹni kan á máa sùn nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun.

Ohun tó ń rú wa lójú nípa ọmọkùnrin náà ni pé orí rẹ̀ pé. Bí oníbàárà bá ra ọjà ẹgbẹ̀ta ó lé àádọ́ta náírà, tó mú ẹgbẹ̀rún kan sílẹ̀, ọmọ náà á ti ka ṣéńjì sọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó gbójú sókè. Bó bá gbọ́ ìtàn lẹ́ẹ̀kan, á tún un sọ pẹ̀lú ohùn ìjàpá àti ohùn àna ìjàpá. Ṣùgbọ́n gbé ìwé sí i lọ́wọ́, àánú rẹ̀ á ṣe ọ́. Ọ̀rọ̀ tó kà ní òkè ojú ìwé, bó bá tún pàdé rẹ̀ nísàlẹ̀, àlejò ni sí i. “Baba” a máa di “dada”, “dada” a sì di “baba”. Ní ilé-ìwé wọ́n ní ọ̀lẹ ni, wọ́n fi pàṣán bá a wí. Nígbà tí a gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí òmíràn, wọ́n ní ká mú un padà sí kíláàsì kìíní.

Ìyá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì, tó ń ra ọjà lọ́wọ́ mi, ló kọ́kọ́ fura. Ó pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ káńtà, ó ní, “Sọ bàtà.” Ọmọ ní bàtà. Ó ní, “Ó dáa. Yọ ìró bí, ìró àkọ́kọ́ yẹn, kúrò. Kí ló kù?” Ọmọ ronú títí, ó ní, “Tà.” Ìyá tíṣà tún bi í pẹ̀lú “kókó” àti “dòdò”; bákan náà ló ṣe, á gé ìdajì ọ̀rọ̀ jù nù. Láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ó ti ń fọ abọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ké sí wa pé, “Àtà ni!” Kò tilẹ̀ gbé orí sókè.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ìdánwò kékeré yìí. Kì í ṣe ìwé kíkà ni ìyá yẹn fi dán an wò. Kò sí lẹ́tà kankan níwájú ọmọ náà. Etí àti ọpọlọ ló ń dán wò, bóyá ọmọ lè tú ọ̀rọ̀ sí ìró kéékèèké. Ẹni tí kò bá gbọ́ pé ìró mẹ́rin ló wà nínú “bàtà” kò ní mọ ohun tí lẹ́tà mẹ́rin ń wá síbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà tí wọ́n ń pè ní dísílẹ́kísíà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àrùn ojú, kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì ní kí ọmọ má gbọ́n. Ìyá tíṣà ní òun kì í ṣe ẹni tó lè fọwọ́ sí i pé òun ni, pé kí a kọ́kọ́ yẹ ojú àti etí ọmọ wò ká lè mọ̀ pé kì í ṣe ìyẹn, kí a tó mú un lọ bá àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní Èkó. Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn ti Èkó náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1896, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Pírígù Mọ́gàn, kọ nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan tó pè ní Pẹ́sì sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Bírítéènì. Láti ọmọ ọdún méje ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ náà níwèé, síbẹ̀ agbára káká ló fi ń ka ọ̀rọ̀ kúkúrú. Nígbà tó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó gbé lẹ́tà kan síwájú èkejì láìmọ̀. Àmọ́ ìṣirò kò ṣòro fún un, olùkọ́ rẹ̀ sì sọ pé ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ ni, òun ni ì bá gbọ́n jù ní ilé-ìwé. Dókítà yẹn tún kọ ọ́ pé ọmọ kejì ni Pẹ́sì láàárín ọmọ méje. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ayé ti ń sọ̀rọ̀ Pẹ́sì. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn náà, èmi náà kò béèrè àwọn mẹ́fà tó kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ṣe fún àbúrò, torí ó ràn án lọ́wọ́. Ìyá tíṣà ní Yorùbá ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé lẹ́tà Yorùbá kì í purọ́ púpọ̀: bí o bá ti mọ ohùn lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ náà ló máa dún níbi gbogbo. A gba yanrìn lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, a fi asẹ́ jọ̀ ọ́, a sá a gbẹ, a dà á sínú tíréè pẹlẹbẹ. Ọmọ á fi ìka kọ lẹ́tà sínú yanrìn, á máa pe ohùn rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́, kí ojú, etí, ẹnu àti ọwọ́ lè jọ gbé e. Lẹ́tà kan ló máa ń kọ́ títí yóò fi mọ́ ọn lára. A kò gbé bí àti dí fún un lọ́sẹ̀ kan náà. Bí mo ṣe ń rò pé kí n kó àwọn tó ń dà á rú jọ kó lè rí ìyàtọ̀ wọn, àṣìṣe gbáà nìyẹn ì bá jẹ́. Ogún ìṣẹ́jú ni lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Bó bá ti ń fi ọwọ́ pa ojú, a ti pẹ́ jù, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ibo ni ogún ìṣẹ́jú yẹn ti wá? Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bàbá wọn wà ní ṣíìfù, ìyá tíṣà kì í ráyè ju ọjọ́ méjì lọ lọ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló kù. Ọmọ náà mọ̀wé, ó ní sùúrù, àbúrò rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. A sọ ọ́ di olùkọ́. Mo tilẹ̀ máa ń fi yangàn fún àwọn oníbàárà pé, “Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń kọ́ ọ o.” Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ á ní ọmọ dáadáa ni. Ọmọ dáadáa ni lóòótọ́, ohun tó sì kó bá a nìyẹn.

Ní sáà kejì ọdún náà, èsì ìdánwò rẹ̀ wálẹ̀ láti ipò kẹta sí ipò kọkànlélógún. Bàbá rẹ̀ ní fóònù ni. Èmi ní ẹgbẹ́ burúkú ni. A sọ gbólóhùn kan fún un nílé wa nígbà yẹn, mi ò mọ iye ìgbà tí a sọ ọ́: “Ìwọ tí ọpọlọ tìẹ pé!” Bí ẹ bá wò ó dáadáa, gbólóhùn yẹn na ọmọ méjèèjì ní pàṣán kan ṣoṣo.

Ó tún wá di ẹni tó ń fajú ro. Bí mo bá pè é láti iwájú ṣọ́ọ̀bù, á pa ojú rẹ̀ pọ̀ bí ẹni tí inú ń bí, mo sì bá a wí lórí ẹ̀ gan-an. Ó ní orí ń fọ́ òun. Mo fún un ní parasitamọ́ọ̀, mo ní kó tètè lọ bá àbúrò rẹ̀ ṣe yanrìn kí iná tó lọ. Bó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, á lọ fara ti tábìlì tí a gbé e lé, á di ojú mọ́ wa. A ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

Bí ọdún ilé-ìwé ṣe ń parí lọ, àwa mẹ́ta dúró ní jáǹkíṣọ̀n Ìyànà Ìyẹ̀sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, à ń wá àyè láti kọjá. Tírélà ò jẹ́ ká rọ́nà. Ní òdìkejì títì, ẹnìkan ti gbé pátákó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́tà pupa gbàǹgbà lórí funfun. Àbúrò dúró, ó na ìka sí afẹ́fẹ́, ó ń kọ lẹ́tà náà bí ẹni pé yanrìn wà níwájú rẹ̀. “E... pí... o. E-po. Epo! Mọ́mì, epo ni! E-po pu-pa!” Mo fò sókè. Àwọn ọlọ́kadà ń wò mí. Ọmọ tí wọ́n ní kó padà sí kíláàsì kìíní ń ka pátákó lójú títì! Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ní, “Olùkọ́, o káre. Ó yá, ka iye tí wọ́n ń ta kẹ́ẹ̀gì kan tó wà nísàlẹ̀ yẹn fún wa.”

Ó fajú ro. Ó ní, “Pátákó wo, Mọ́mì?”

Mo rò pé ó ń ṣe àwàdà. Mo tọ́ka. Ó ní òun rí nǹkan funfun. Mo ní kí ló kọ sára ọkọ̀ tó ń bọ̀ yẹn. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ nìkan lòun mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi kọjá títì mọ́. Gbogbo ojú tó ń pa pọ̀, gbogbo tẹlifíṣọ̀n, gbogbo parasitamọ́ọ̀, wọ́n tò wá bá mi lójú ọ̀nà níbẹ̀. Mo wá rí i pé ọmọ mi kò fajú ro sí mi rí. Ó ń wá mi ni.

A padà sọ́dọ̀ dókítà ojú kan náà. Bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ rèé: ojú rẹ̀ méjèèjì ń fẹ́ gíláàsì tí agbára rẹ̀ jẹ́ méjì ààbọ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi àmì ìyọkúrò sí níwájú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láìsí gíláàsì, ohun tó bá ti kọjá ogójì sẹ̀ǹtímítà sí i, tí kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ti di kùrukùru. Ìdí rèé tí kò fi yé ẹnikẹ́ni nínú wa. Tíréè yanrìn ò jìnnà tó ogójì sẹ̀ǹtímítà. Ìwé àbúrò rẹ̀ ò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún wa, ó ríran kedere. Ní kíláàsì tirẹ̀, níbi tí bọ́ọ̀dù wà, kò rí nǹkan kan, ìwé ẹni tó jókòó tì í ló ń wò kọ. Dókítà ní irú ojú bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ orí rẹ̀ yìí gan-an, ó sì lè máa le sí i bí ọmọ bá ń dàgbà, nítorí náà kí a máa mú un wá lọ́dọọdún.

Mo bi í lálẹ́ ọjọ́ náà pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Ẹ̀ ń wá owó tí ẹ máa san fún ti àbúrò mi. Mo rò pé tèmi lè dúró.” Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó tún béèrè ohun tí mi ò retí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ló wà nígbà tí àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ ìkókó, ṣubú lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ní kó bá mi ṣọ́ ọ. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé ìṣubú yẹn ló bà á lórí jẹ́?” Ọdún mẹ́jọ ló ti ń gbé ìbéèrè yẹn kiri. Ó ti ń san gbèsè tí kò jẹ, nínú yanrìn, lálaalẹ́.

Bàbá wọn ló dá a lóhùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sọ ohun tí èmi gan-an ò mọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá tí a ti ṣègbéyàwó: pé bí àbúrò ṣe rí gan-an lòun rí ní kékeré, pé títí di òní, bí wọ́n bá lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ní ilé-iṣẹ́, òun máa ń dúró kí ẹlòmíràn kà á sókè. Dísílẹ́kísíà a máa rìn nínú ẹbí, láti ara òbí sí ara ọmọ. Ìṣubú ò bá a tan.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1982, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dọ́ọ̀nù Máyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn ní ìpèníjà jọ, kí wọ́n jọ ṣeré, kí wọ́n jọ jẹun, kí wọ́n sì lè sọ ohun tó wà nínú wọn láàárín ara wọn. Irú ìbéèrè ọmọ mi wà lára ohun tí wọ́n mọ̀ mọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀: ṣé èmi ni mo fà á, ṣé á ràn mí, ṣé èmi ni máa tọ́jú rẹ̀ bí Mọ́mì bá kú, ṣé dandan ni kí n mọ̀wé fún ẹni méjì. A kò ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa. Àmọ́ a lẹ́nu, a sì ti jókòó ti àbúrò rẹ̀ láìmọye ìgbà láìsọ ohun tó ń ṣe é fún ẹ̀gbọ́n.

A gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tíṣà fi ọjọ́ kan kún ti tẹ́lẹ̀, a ń san owó díẹ̀ fún un, èmi náà ń ti ṣọ́ọ̀bù láago méje ní ọjọ́ méjì tó kù. Ó dùn mí lápò, mi ò purọ́. Aago méje sí mẹ́sàn-án ni ọjà máa ń tà jù. A tún dá iṣẹ́ ilé padà: àbúrò tí a ti yọ̀ǹda kúrò nídìí abọ́ fífọ̀ torí “ìṣòro rẹ̀” ti padà sídìí rẹ̀. Lẹ́tà ló ń dà á láàmú, kì í ṣe kànǹkàn.

Èyí tó le jù ni àkókò tí mo fẹ́ yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀gbọ́n nìkan. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni mo mú, ààbọ̀ wákàtí. Lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ńṣe la kàn ń wo ara wa. Mo ń bi í ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá, ó ń dáhùn bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ní Sọ́ńdè kẹta ó ní kí n bá òun di irun. Ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, ó kẹ̀yìn sí mi, kí n tó di ìlà kejì tán ó ti ń sọ̀rọ̀. Kò ní láti wo ojú mi. Láti ìgbà yẹn, a kì í jókòó kojú síra wa mọ́.

Ṣùgbọ́n bí bàbá wọn bá wà ní ṣíìfù òru, kò sẹ́ni tó máa mú àbúrò dání, á máa wá wọlé, ààbọ̀ wákàtí náà á sì fọ́. Nígbà tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀gbọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fa ìwé gbèsè mi yọ, ìwé tí mo ń kọ orúkọ àwọn tó ra ọjà àwìn sí. Nísàlẹ̀ orúkọ àwọn oníbàárà, ó kọ “Mọ́mì” síbẹ̀, ó kọ iye Sọ́ńdè tí mo jẹ ẹ́ sí iwájú rẹ̀. Mi ò bá a wí. Bí mo bá san, òun fúnra rẹ̀ ló ń fagi lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mú ọmọ kan lọ ṣe àyẹ̀wò kan tàbí òmíràn, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó wọkọ̀ padà, ẹ ní kí ẹni tó gbé báàgì náà jókòó sórí àga. Àbúrò ti wọ kíláàsì karùn-ún, ó ṣì ń kàwé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì ń lóye ohun tó ń kà. Ẹ̀gbọ́n ti fi gíláàsì padà sí ipò karùn-ún. Mo yẹ ìwé gbèsè wò láàárọ̀ yìí: Sọ́ńdè méjì ni mo jẹ.